₦85,000 ní ìgbà purobéṣọ̀n, ₦120,000 lẹ́yìn rẹ̀: kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ síwèé?

Ọmọ Ìyàrá

Okun gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ kí n dá ìwé wọn padà.

Ilé-ìwé aládàáni kan ní Kàbbà ni mo ti ń tọ́jú ìwé owó. ₦100,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, wọn kì í sì í jẹ mí ní gbèsè. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́kọ́ja ti wá gbà mí sí ọ́fíìsì ìṣirò owó wọn báyìí. Ohun tó wà nínú lẹ́tà wọn ni pé ₦85,000 ni wọn yóò máa san fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà tí mo bá ṣì wà lórí purobéṣọ̀n. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tí wọ́n bá ti kọ́nfáàmù mi, yóò di ₦120,000. Àmọ́ nígbà tí mo ka lẹ́tà náà, mi ò rí ₦120,000 kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn aláṣẹ lè ṣàtúnyẹ̀wò owó oṣù òṣìṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́nfáàmù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni màá máa gbé ní Lọ́kọ́ja, nítorí náà owó ilé kò sí nínú ìṣòro mi. Ṣé kí n gbà á? Kí ló yẹ kí n bi wọ́n?

Ìgbà Ọ̀tun, Mọ̀pà

Àbúrò mi, má gbà o. Òfin òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà kò gbà kí purobéṣọ̀n ju oṣù mẹ́ta lọ. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n kọ yẹn, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Sọ fún wọn pé o mọ òfin, kí wọ́n dín in kù sí mẹ́ta. Ti owó tí wọ́n fẹ́ san, mi ò rí nǹkan wí sí i, torí ó ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa fọwọ́ sí, ìyẹn ₦72,500.

Tíṣà Ayétòrò

Ìyàwó wa, okun o. Má jẹ́ kí oṣù mẹ́fà já ọ láyà rárá. Ọdún méjì gbáko ni àwa ṣe lórí purobéṣọ̀n kí wọ́n tó kọ́nfáàmù wa. Ohun tí wàá ṣe ni pé kí o tọ́jú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ, ìwé ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti ìwé àyẹ̀wò ìlera. Tí ọdún méjì bá ti pé, kí o kọ̀wé gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ lọ sí kọmíṣọ̀n. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé fáìlì rẹ̀, orí ìjókòó kan náà ni fáìlì ọ̀hún yóò wà títí. Owó oṣù rẹ kò sì ní yí padà nítorí kọ́nfáàmù, ìpele tí wọ́n bá gbà ọ́ sí náà ni wọn yóò máa san.

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ ṣeun sà. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba.

Bàbá Ìsánlú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gbogbo yín. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Kàdúná títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ni. Irú lẹ́tà tí ọmọ yìí gbà, èmi náà ti kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tí Tíṣà sọ jẹ́ òtítọ́ fún iṣẹ́ ìjọba. Níbẹ̀, ìpele ló ń sọ owó tí wọn yóò san fúnni, wọn kì í torí pé èèyàn wà lórí purobéṣọ̀n gé e kù. Iṣẹ́ aládàáni kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí ìwọ àti wọ́n jọ fọwọ́ sí ló ń sọ gbogbo rẹ̀, ohun tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ máa ń ṣòro láti gbà lẹ́yìn ọ̀la.

Ìgbà Ọ̀tun, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí o ń sọ, nǹkan mìíràn ló wà fún. Òfin òṣìṣẹ́ wa kò fi gbèdéke sí bí purobéṣọ̀n ṣe lè gùn tó. Ohun tó sọ ni pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó tí wọn yóò máa san àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, ìgbà tí wọn yóò máa san án, àti iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tí nǹkan kan bá yí padà nínú rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ láàárín oṣù kan. Iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin yẹn ń dáàbò bò, ẹni tí wọ́n bá gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìyàrá ní ọ́fíìsì ìṣirò owó, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, kó ṣáà wo orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Nítorí náà kó má lọ bá wọn jà lórí oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá lọ sọ pé òfin ní mẹ́ta, wọn yóò rí i pé kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tó kù tó fẹ́ sọ kò sì ní wúwo mọ́.

₦72,500 yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ní 2024. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ ₦70,000, láti ọdún yẹn kan náà, òfin ọ̀hún sì yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kà á mọ̀ ni pé kò yọ ẹni tó wà lórí purobéṣọ̀n sílẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ní kó máa gba ₦50,000 nítorí pé a ṣì ń dán an wò, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ó kù gbólóhùn inú lẹ́tà rẹ. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n fi okùn kan so pọ̀. Kọ́nfáàmù jẹ́ ọ̀kan: pé o ti di òṣìṣẹ́ wọn tó fìdí múlẹ̀. Àfikún owó jẹ́ èkejì. Wọ́n lè fún ọ ní àkọ́kọ́ láìfún ọ ní èkejì, lẹ́tà tí o tẹ̀ síbí yìí kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní àwọn lè ṣàtúnyẹ̀wò. Tí wọ́n bá jókòó, tí wọ́n ṣàtúnyẹ̀wò, tí wọ́n wá sọ ọ́ di ₦88,000, wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n kọ. Kódà tí wọ́n bá wò ó tí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ti ṣe é náà.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá, ẹ ń sọ̀rọ̀ mi. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan kọ iye owó náà sínú lẹ́tà tèmi o, mi ò sọ pé wọn ò kọ ọ́. ₦60,000 ní oṣù mẹ́fà, ₦80,000 tí wọ́n bá ti kọ́nfáàmù mi. Mo dunnú, mo fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà pé, n kò rí lẹ́tà. Mo béèrè, wọ́n ní ọ̀gá àgbà rin ìrìn àjò. Oṣù keje, ẹni tó yẹ kó kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ mi kò tíì kọ ọ́. Ìparí oṣù kẹwàá ni lẹ́tà tó jáde, ₦80,000 sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà. ₦20,000 fún oṣù mẹ́rin, ₦80,000 ló bá ibẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n san àlékún náà láti oṣù keje, wọ́n fi lẹ́tà mi hàn mí: kò sọ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ní tí wọ́n bá ti kọ́nfáàmù mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò sì yàtọ̀ rárá, èmi nìkan ni mo máa ń wà ní wọ́ọ̀dù lálẹ́ látìgbà tí mo ti lo oṣù kan níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí.

Àbúrò mi, bi wọ́n pé ọjọ́ wo gan-an. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ìgbà tí.

Ìgbà Ọ̀tun, Mọ̀pà

Mo gbà lórí oṣù mẹ́ta, Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà pé tí purobéṣọ̀n bá ti pé tí wọn kò lé èèyàn, ó ti di kọ́nfáàmù nìyẹn, kódà kí wọ́n má fún un ní lẹ́tà. Nọ́ọ̀sì ì bá ti gba owó rẹ̀ ní kóòtù.

Bàbá Ìsánlú

Ìlàjì ọ̀rọ̀ yẹn tọ́. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti dá a rí pé tí ìgbà ìdánwò bá ti parí, tí agbanisíṣẹ́ kò sọ nǹkan kan, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà tó sì ń san owó rẹ̀, kò lè yíjú padà nígbà tó yá kó ní òun kò tíì kọ́nfáàmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ wo lẹ́tà. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà sọ pé ilé-iṣẹ́ lè fi kún ìgbà ìdánwò, tí wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn ti fi oṣù mẹ́ta kún un, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú ọ̀ràn ti Nọ́ọ̀sì tí iye owó wà nínú ìwé, ó ní ohun tó lè dì mú. Ní ti Ọmọ Ìyàrá, kí adájọ́ tilẹ̀ gbà pé wọ́n ti kọ́nfáàmù rẹ̀, ₦120,000 tí ọ̀gá fẹnu sọ, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Adájọ́ kò ní jókòó bá òṣìṣẹ́ dá iye owó tí kò sí nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kó gba iye náà sínú lẹ́tà nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń wá a.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ọmọ yìí ṣírò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bí ọ̀gá ṣe sọ, ₦15,000 ni yóò máa pàdánù lóṣooṣù sí ohun tó ń gbà ní Kàbbà. Oṣù mẹ́fà, ₦90,000. Láti oṣù keje, ₦20,000 ni yóò fi máa ju ti Kàbbà lọ. Oṣù mẹ́rin ààbọ̀ ni yóò fi gba ₦90,000 yẹn padà. Nítorí náà, nínú oṣù kọkànlá ló tó dọ́gba, lẹ́yìn èyí ni èrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò burú.

Tí wọ́n bá fi oṣù mẹ́ta kún ìgbà ìdánwò, àdánù di ₦135,000, yóò sì tó oṣù kẹrìndínlógún kó tó dọ́gba.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹ̀kẹta. Ká ní wọ́n ṣàtúnyẹ̀wò náà lákòókò, wọ́n wá sọ ọ́ di ₦105,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dúpẹ́, torí ₦20,000 ni wọ́n fi kún un. Ṣùgbọ́n ₦5,000 péré ló fi ju Kàbbà lọ. Oṣù méjìdínlógún ni yóò fi gba ₦90,000 rẹ̀ padà, tí o bá sì ro oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ọdún méjì gbáko nìyẹn kó tó dà bí ẹni pé kò kúrò ní Kàbbà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí gba ẹ̀kẹta yẹn láyè dáadáa.

Ohun kan tún wà. Ọmọ mi, ₦100,000 ti Kàbbà, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ọwọ́ rẹ?

Ọmọ Ìyàrá

Bẹ́ẹ̀ ni sà, wọn kì í yọ nǹkan kan. A ò pọ̀ níbẹ̀, wọn ò ṣe pẹ́ńṣọ̀n fún wa.

Bàbá Ìsánlú

Mo fura bẹ́ẹ̀. Bi àwọn ti Lọ́kọ́ja pé ₦85,000 yẹn, ṣé kí wọ́n tó yọ nǹkan ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ tán. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 gbọ́dọ̀ ṣe pẹ́ńṣọ̀n: wọn yóò yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó rẹ, àwọn náà yóò fi ìdá mẹ́wàá kún un. Orí owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bí ₦85,000 bá jẹ́ àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ₦6,800 ni wọn yóò yọ, ₦78,200 ni yóò sì kù kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó orí. Kì í ṣe owó tó sọnù, tìrẹ ni, ₦8,500 tí wọ́n bá fi kún un náà tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n o kò lè fi ra gàrí lóṣù yìí. Béèrè bóyá ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ tàbí ìgbà tí wọ́n bá kọ́nfáàmù rẹ. Àwọn kan máa ń fi í dúró di ìgbà kọ́nfáàmù, òfin kò sì yọ ẹni tó wà lórí purobéṣọ̀n sílẹ̀.

Alátẹ̀wé Kàbbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa tí à ń gbani síṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní, àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi kò tó mẹ́wàá. Mo máa ń dín owó kù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí kò tíì mọ ẹ̀rọ mi yóò ba bébà jẹ́, ẹlòmíràn yóò sì lọ nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n tán. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ iye tí yóò gbà lẹ́yìn rẹ̀, torí mo ti mọ iye náà kí n tó pè é. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ₦120,000 lẹ́nu, ó mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Tí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, èmi yóò gbà pé wọn kò ní in lọ́kàn.

Ibi tí mi ò ti bá Bàbá àti Nọ́ọ̀sì lọ ni pé kí àfikún máa dé ní ọjọ́ kan pàtó láìwo iṣẹ́. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí iṣẹ́ ẹni náà kò tíì dán, èmi kò lè fi owó kún un nítorí kàlẹ́ńdà.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà nígbà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ohun tó kù fún un láti ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni pé wọn kò sọ pé mo ṣe dáadáa, wọn kò sọ pé n kò ṣe é, wọ́n kàn ń gba iṣẹ́ ₦80,000 ní ₦60,000.

Alátẹ̀wé Kàbbà

Ìyẹn tọ́. Mo gbà fún ọ níbẹ̀.

Bàbá Ìsánlú

Kí ẹ̀yin méjèèjì lè sinmi, ohun tí mo máa ń kọ ni pé kí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ẹni náà kó tó di ìparí oṣù kẹfà, tí ilé-iṣẹ́ bá sì pẹ́ láti ṣe é láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló fà á, kí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dán, wọn yóò kọ̀wé sí i. Ẹni tí wọ́n kàn gbàgbé fáìlì rẹ̀, kò ní jìyà rẹ̀.

Ọmọ Ìyàrá, má kọ ìwé tó gùn sí wọn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sọ pé inú rẹ dùn sí iṣẹ́ náà, kí o wá béèrè nǹkan mẹ́rin yìí nínú ímeèlì, kì í ṣe lórí fóònù: Ṣé wọ́n lè kọ ₦120,000 tí ẹ jọ sọ sínú lẹ́tà? Ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ tí àyẹ̀wò bá pẹ́, tí wọ́n bá sì fi kún ìgbà ìdánwò, oṣù mélòó ni kò ní kọjá? Kí ni wọn yóò wò láti fi mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ dára, ta ni yóò sì wò ó? Kí ni wọn yóò yọ nínú ₦85,000? Tí wọ́n bá dáhùn nínú ímeèlì láìtún lẹ́tà kọ, tọ́jú ímeèlì náà. Kò lágbára tó lẹ́tà, àmọ́ ó sàn ju ẹnu lọ.

Kí o sì wo iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi lé ọ nígbà tí o bá wà lórí purobéṣọ̀n. Tí lẹ́tà bá dákẹ́, òfin ní ọjọ́ kan péré fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Iṣẹ́ Kàbbà tí o fẹ́ fi sílẹ̀ wà lára ohun tí o ń san.

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Mo ti kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ, mo fi ránṣẹ́ ní àárọ̀.

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn yóò tún lẹ́tà kọ, ₦120,000 yóò sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá máa fi kún ìgbà ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sì ní ju oṣù mẹ́ta lọ. Pẹ́ńṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, ₦85,000 yẹn sì jẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ọ̀gá tó ń rí sí ìṣirò owó ló máa wo iṣẹ́ mi, ohun tó sì máa wò ni bí mo ṣe ń ti ìwé owó oṣù kọ̀ọ̀kan lákòókò. Èyí tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ ni pé kí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje tí wọ́n bá pẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá wà lórí lẹ́tà kọ́nfáàmù ni.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Èyí tó jẹ mí níyà gan-an nìyẹn. Èmi ò ní gbà.

Alátẹ̀wé Kàbbà

Èmi yóò gbà. Èyí tó burú jù ni oṣù mẹ́sàn-án, Bàbá sì ti ṣírò ìyẹn.

Bàbá Ìsánlú

Alátẹ̀wé, oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ̀wé fún pé wọ́n fi kún tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n kàn dákẹ́ sí, kò sí iye oṣù fún un níbẹ̀. Ọmọ mi, bi wọ́n ní ẹyọ kan sí i: ṣé wọ́n lè kọ ọ́ pé tí oṣù kẹfà bá pé tí ìwọ kò rí lẹ́tà kankan, yálà ti kọ́nfáàmù tàbí ti àfikún oṣù, wọ́n gbà pé wọ́n ti kọ́nfáàmù rẹ? Wọ́n lè gba èyí níbi tí wọn kò ti gba ti àkọ́kọ́, torí kò ní kí wọ́n san owó ẹ̀yìn, ó kàn ní kí wọ́n má dákẹ́.

Ọmọ Ìyàrá

Màá bi wọ́n ní àárọ̀ ọ̀la sà. Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la, wọ́n ṣì ní ọjọ́ kan láti dáhùn.